Sitétímẹ́ǹtì, prọfíṣọ́nà àbí fáínà: èwo lẹ máa mú dání?

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń yẹ ìwé àwọn tó ń wáṣẹ́ wò ní ọ́fíìsì kan ní Màrínà níbí, ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí jù ni pé "Ẹ̀gbọ́n, sitétímẹ́ǹtì ọ́fù rìsọ́ọ̀tì nìkan ló wà lọ́wọ́ mi o, ṣé wọ́n á gbà á?" Èmi á kọ́kọ́ bi wọ́n pé ìgbà wo lẹ parí ilé ìwé, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́tà ni sitétímẹ́ǹtì. Tí sẹ́nétì yunifásítì bá ti fọwọ́ sí èsì yín, ilé ìwé á kọ ọ́ fún yín pé lágbájá ti parí kọ́ọ̀sì báyìí, kíláàsì tó ṣe nìyí, kẹ́ ẹ máa fi lò ó kí sàtífíkéètì tó jáde. Fáínà ni èyí tí gíwá àti rẹ́jísítírà fọwọ́ sí, tó ní èdìdì àti nọ́ńbà, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Prọfíṣọ́nà wà láàárín àwọn méjèèjì, ó sọ pé oyè ti di tiyín àmọ́ ó kàn ń dàyè mú fún fáínà ni. Àwọn ilé ìwé kan kì í tẹ̀ ẹ́ rárá, àwọn míì sì wà tó jẹ́ sitétímẹ́ǹtì yẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní prọfíṣọ́nà, torí náà ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má wo orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó sìnrú ìlú tán lọ́dún tó kọjá, sitétímẹ́ǹtì ẹ̀ tó o fún iṣẹ́, kó fi sàtífíkéètì àgùnbánirọ̀ tì í. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọkùnrin kan láti Sùúrùlérè fún yín. 2019 ló jáde, 2024 ló wá sọ́dọ̀ wa, ó yege nínú intafíù, ló bá fa sitétímẹ́ǹtì ọdún márùn-ún yọ. Ojú tí a fi ń wo irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé kí ló dé tí ò tíì lọ gba fáínà? Ṣé ó jẹ ilé ìwé lówó ni, àbí èsì ẹ̀ ò pé? A kọ̀wé sí ilé ìwé ẹ̀ láti bi wọ́n, bí a sì ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn nìyẹn, bóyá fáínà lẹ mú wá àbí sitétímẹ́ǹtì. Èsì ẹ̀ mọ́ kedere, kíláíránsì láìbúrárì ni ò ṣe parí látọjọ́ yẹn! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, owó oṣù kan àtààbọ̀ ló sì pàdánù.

Tó bá jẹ́ máàsítàs lẹ ń wá, yunifásítì ilẹ̀ wa máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ fi sitétímẹ́ǹtì gba fọ́ọ̀mù, àmọ́ ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú ọrijínà wá kí wọ́n rí i. Ní òkè òkun, wọ́n lè fún yín ní ọ́fà tí wọ́n so kọ́ orí pé ẹ máa fi fáínà ránṣẹ́ kí wọ́n tó gbà yín tán. Ẹ má sì rò pé èyíkéyìí nínú wọn lè dípò tránskíríìpù o, ìyẹn ló ní máàkì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan nínú, ilé ìwé yín ló sì máa ń fi ránṣẹ́ tààrà sí ilé ìwé kejì, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ibi tó máa ń dùn mí jù ni orúkọ. Ẹ fi sitétímẹ́ǹtì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀rí WAEC àti ti àgùnbánirọ̀, kẹ́ ẹ wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá kọ orúkọ méjì síbì kan, mẹ́ta síbòmíì, àbí lẹ́tà kan ṣì, ìgbà tó ṣì wà lórí sitétímẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ sáré padà sí rẹ́jísítìrì, torí sitétímẹ́ǹtì ṣeé tún kọ, wàhálà gidi ni kí wọ́n tún fáínà tẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti lọ́kọ, ẹ fi orúkọ bàbá yín sílẹ̀ lórí sàtífíkéètì, ìwé ìgbéyàwó lẹ máa fi tì í.

Tẹ́ ẹ bá wá ń lọ gba fáínà, ẹ kọ́kọ́ ṣe sikáànì sitétímẹ́ǹtì yín, torí ilé ìwé míì máa ń gbà á padà lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi náílọ́ọ̀nù lẹ fáínà náà o, torí àwọn tó máa lu òǹtẹ̀ sí i tẹ́ ẹ bá ń lọ òkè òkun nílò ojú ìwé gangan. Kọ́pì lẹ máa fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́, kó wo ọrijínà níṣojú yín, kẹ́ ẹ gbé e padà sílé.