Ìdì kẹwàá kò lè sọ iye tí mẹ́wàá gbà

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣirò ìnáwó lọ́dọ̀ mi gbé ìwé rẹ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, inú rẹ̀ ń dùn. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ mọ iye tí ìdì ọjà mẹ́wàá ń gbà wọn. Fọ́múlà ìnáwó àlékún wọn ló wà níwájú rẹ̀. Ó fi 10 sínú rẹ̀, ó rí 120, ó sì sọ 120 di ìlọ́po mẹ́wàá.

"Ọ̀gá, 1200 ni," ó wí.

Mo ní kó fa àga kó jókòó, nítorí 1200 yẹn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó tí iṣẹ́ náà gbà ní tòótọ́, tí a bá yọ owó ilé àti ẹ̀rọ sẹ́yìn.

Ìnáwó àlékún ni owó tó máa kún ìnáwó yín bí ẹ bá ṣe díẹ̀ sí i, níbi tí ẹ dé yẹn gan-an. Bí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ó lè yí padà. Fọ́múlà tó wà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi nìyí, MC dúró fún ìnáwó àlékún, q dúró fún iye ìdì:

```
MC = 3q² − 24q + 60
```

Níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí q jẹ́ 0, iye rẹ̀ jẹ́ 60. Nígbà tí iṣẹ́ bá wọ àwọn òṣìṣẹ́ lára, tí ẹ̀rọ kò sì máa dúró mọ́, ó ń wálẹ̀ títí yóò fi di 12 ní ìdì mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún ń gòkè: wọ́n ti ń sanwó àṣekún, ẹ̀rọ ti ń gbóná, ọjà tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ ń pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi dé mẹ́wàá, ó ti di 120. Ẹni tó bá fi 120 ṣe ìlọ́po mẹ́wàá ti sọ pé gbogbo ìdì ló wọ́n bí èyí tó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n ṣe láàárín kò wọ́n rárá.

Kí n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan íńtígíréṣọ̀n, mo ní kó gé iṣẹ́ náà sí ọ̀nà márùn-ún, ìdì méjì méjì, kó sì wo ìnáwó àlékún ní àárín ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ní 1, 3, 5, 7 àti 9. Ó rí 39, 15, 15, 39 àti 87. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 195. Ìdì méjì ló wà nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó rí 390. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ohun tí íńtígíréṣọ̀n ń ṣe kò ju ìyẹn lọ. Ó ń gé iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́ títí kò fi sí bí a ṣe lè gé e mọ́, ó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àmì ∫ tó máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn, lẹ́tà S tí wọ́n fà gùn ni. Onímọ̀ ìṣirò Leibniz ló mú un jáde lọ́dún 1675, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí àròpọ̀. Nínú fọ́múlà tiwa, a ó fi 1 kún agbára q kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi agbára tuntun náà pín in. TC ni gbogbo ìnáwó, k sì ni iye kan tí a kò tíì mọ̀:

```
TC = q³ − 12q² + 60q + k
```

Ẹ fi 10 sí i: 1000 − 1200 + 600, ó jẹ́ 400. Ọ̀nà márùn-ún wa ti fún wa ní 390, nítorí náà a mọ̀ pé a kò ṣìnà. Mo máa ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí kódà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá dá mi lójú.

Ó wá ku k. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, torí ó rọrùn láti gbàgbé. Ìnáwó àlékún kì í sọ ohunkóhun nípa owó tí ẹ ti san kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: owó ilé, owó ẹ̀rọ, owó olùṣọ́. Bí ẹ ṣe ọjà o, bí ẹ kò ṣe o, ẹ ó san án. Nítorí náà kò sí bí íńtígíréṣọ̀n ṣe lè mú un jáde fúnra rẹ̀. Ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ la ti ń rí i. Tiwọn fi hàn pé oṣù tí wọ́n ṣe ìdì mẹ́wàá, 600 ni gbogbo owó tó jáde. 400 + k = 600, k di 200. Bí ẹ bá gbàgbé k, tí ẹ wá yí ìdáhùn yín padà sí ìnáwó àlékún láti yẹ̀ ẹ́ wò, yóò bá a mu rẹ́gí, àṣìṣe náà yóò sì fara pamọ́ síbẹ̀.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n wá gbà pé k àti ìnáwó tí kì í yí padà jẹ́ nǹkan kan náà nígbà gbogbo. Rárá o. Ẹ wo fọ́múlà mìíràn:

```
MC = 20e^(0.1q)
TC = 200e^(0.1q) + k
```

Ká ní ìnáwó tí kì í yí padà jẹ́ 500. Bí q bá jẹ́ 0, e^(0.1q) kì í di òfo, 1 ló ń jẹ́. Nítorí náà 200 + k = 500, k sì jẹ́ 300. Ẹni tó bá kọ 500 síbẹ̀ ti fi 200 kún ìnáwó ilé-iṣẹ́ láìsí ìdí. Ẹ máa fi 0 sínú fọ́múlà náà kí ẹ tó kọ k.

Ibì kan wà tí èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò yìí. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń ṣe láti ìdì mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá lóṣooṣù, inú oṣù wọ̀nyẹn ni fọ́múlà wọn ti wá. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdì kan tàbí méjì. Tí a bá ṣe àròpọ̀ láti 0, à ń méfò lórí apá tí a kò rí, k tí a sì rí lè máà jẹ́ owó ilé àti ẹ̀rọ gan-an.

Àmọ́ ìbéèrè tí àwọn oníbàárà mi sábà máa ń bi mí kò nílò apá yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà wá lọ́sẹ̀ kejì: ẹnì kan fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ìdì méjì sí i lórí mẹ́wàá, yóò san 300. Ṣé kí wọ́n gbà? Lọ́tẹ̀ yìí kò fi 120 ṣe ìlọ́po méjì kó wá sọ pé 240 ni, èrè 60. Ó ṣe àròpọ̀ láti 10 dé 12: 720 ní ìdì méjìlá, 400 ní mẹ́wàá, k sì pa ara rẹ̀ rẹ́. 320 ló jáde.

"Ọ̀gá, 20 ni wọn ó pàdánù," ó wí, "àyàfi tí ẹni náà bá fi owó kún un."