Bí náírà tó ń já wálẹ̀ ṣe ń jẹ owó ìfipamọ́, àti ìdí táwọn kan fi ń sá sínú dọ́là

Mílíọ̀nù kan náírà tó wà nínú àkáǹtì ìfipamọ́ kì í dín kù lójú. Iye yẹn ṣì wà níbẹ̀, èlé díẹ̀díẹ̀ tún ń gun orí rẹ̀. Ohun tó ń dín kù ni nǹkan tí owó náà lè rà, dọ́là ló sì máa ń fà á. Àlìkámà, oògùn, fóònù àti ẹ̀yà ara ọkọ̀, òkèèrè ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Kódà oníṣòwò tó ti kó ọjà wálé kí dọ́là tó gbówó lérí á fi kún iye rẹ̀, torí owó tó bá pa lórí èyí ló máa fi kó òmíràn. Bí kò bá fi kún un, páálí mẹ́wàá tó tà ò ní lè ra páálí mẹ́wàá padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 títí dé ìparí ọdún 2024. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà yẹn ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fàyè gba àwọn báńkì láti máa ta dọ́là ní iye tí olùrà àti olùtà bá jọ fẹnu kò lé lórí. Ṣáájú ìgbà yẹn, nǹkan bíi náírà 471 ni iye ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti tó bí 1,535. Ẹni tó bá fi iye ìjọba nìkan ṣe ìṣirò á sọ pé ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta owó náà tó ti lọ. Ìṣirò yẹn ń tanni jẹ o, torí ìwọ̀nba èèyàn ló lè rí dọ́là rà ní 471. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú pópó ni aráàlú ti ń rà á, wọ́n sì ń tà á ní bí 750 nígbà náà. Nítorí náà, mílíọ̀nù kan náírà jẹ́ bíi dọ́là 1,333.

Èlé ńkọ́? Láti ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé èlé orí àkáǹtì ìfipamọ́ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 30 nínú 100 iye èlé tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀. Iye náà jẹ́ ìdá 18.5 ní oṣù kẹfà 2023, ó sì di ìdá 27.5 ní oṣù kọkànlá 2024. Ìdá 5.55 sí 8.25 lọ́dún ló kan ẹni tó fowó pa mọ́ nìyẹn. Fún ọdún kan ààbọ̀, èlé orí mílíọ̀nù kan á jẹ́ bí 105,000 náírà, ìyẹn bí onítọ̀hún ò bá gbowó léraléra, torí ọ̀pọ̀ báńkì kì í san èlé oṣù tí wọ́n bá gbowó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Ní ìparí 2024, bí 1,650 ni wọ́n ń ta dọ́là lójú pópó. Owó náà pẹ̀lú èlé rẹ̀ ò lè ra ju bíi dọ́là 670 lọ. Ìdajì ti lọ, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án.

Kò túmọ̀ sí pé ìdajì oúnjẹ ẹni náà ló lọ. Àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba sọ pé láàárín oṣù kejìlá 2023 sí oṣù kejìlá 2024, owó ọjà fi ìdá 34.8 nínú 100 lọ sókè. Ohun tí wọ́n ń tà ní 100,000 ti di 134,800, nígbà tí 100,000 tó wà ní báńkì ò lè ju bí 108,000 lọ. Ìdá kan nínú márùn-ún agbára owó náà ló lọ nínú ọdún kan yẹn. Ẹni tó ń sanwó ilé ìwé ọmọ lókè òkun á fara gbá a ju ẹni tó ń ra ẹ̀wà àti gàrí lọ, ohun tí kálukú ń náwó lé lórí ló sì yẹ kó fi wọ̀n ọ́n.

Ìdí nìyí táwọn kan fi ń gbé owó wọn sínú dọ́là. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn, tí ọ̀pọ̀ kì í bèèrè, ni pé: títí dé ibo ni náírà gbọ́dọ̀ já kí dọ́là tó lérè jù? Ká ní dọ́là kan jẹ́ 1,500, tí ẹnì kan sì ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Bó bá rà á, ó di dọ́là 1,000. Bó bá rí èlé ìdá 5 lórí rẹ̀, ó di 1,050 lẹ́yìn ọdún kan. Bó bá fi náírà náà sínú tírẹ́ṣọ̀ bíìlì, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú fún ìgbà kúkúrú, tó ń mú ìdá 20 wá, ó di 1,800,000. Ẹ pín 1,800,000 sí ọ̀nà 1,050, ẹ ó rí 1,714. Bí dọ́là ò bá tó 1,714 nígbà tí ọdún bá pé, náírà ló lérè jù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àkáǹtì ìfipamọ́ lásán ni, ní ìdá 8, 1,620,000 ló máa ní, 1,543 péré sì ni dọ́là ní láti dé kó tó ṣẹ́gun rẹ̀. Èlé tó kéré yìí gan-an ló ń sọ àwọn tó ń fowó sínú àkáǹtì lásán di ẹni tí dọ́là ń tètè fi sílẹ̀.

Ewu tó tóbi jù ni kéèyàn sáré rà á nígbà tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ìlú. Ní oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là dé bí 1,800 lójú pópó. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kẹrin, ó ti já sí nǹkan bí 1,100. Ẹni tó fi mílíọ̀nù kan rà á ní 1,800 rí dọ́là 555. Bí àìsàn tàbí owó ilé bá mú kó tà á ní 1,100, bí 611,000 ló máa gbà padà. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ṣe dọ́là rẹ̀. Owó tí wọ́n máa ná láàárín oṣù díẹ̀ ní náírà kò yẹ kó wà níbẹ̀. Iye tí wọ́n fi ń tà tún máa ń ju iye tí wọ́n fi ń rà á padà lọ: ẹni tó rà á ní 1,560 tó sì tà á lọ́jọ́ náà ní 1,530 ti pàdánù bí ìdá 2.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa á mọ́ ò sì rí bákan náà. Àkáǹtì dọ́là ní báńkì, èyí táwọn èèyàn ń pè ní dọ́ọ̀mù, kì í sábà mú èlé tó ṣe gúnmọ́ wá. Bọ́ǹdì ni ìwé gbèsè tí ìjọba ń tà láti fi yá owó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bọ́ǹdì dọ́là tí ìjọba àpapọ̀ tà nílé ní ọdún 2024 ń mú ìdá 9.75 wá lọ́dún fún ọdún márùn-ún, àmọ́ dọ́là 10,000 ni iye tó kéré jù téèyàn lè fi rà á. Iye bọ́ǹdì tún máa ń lọ sókè sódò: nígbà tí èlé Amẹ́ríkà ga ní 2022, iye bọ́ǹdì dọ́là tí Nàìjíríà ti tà já, ẹni tó sì tà lásìkò yẹn pàdánù nínú dọ́là gan-an.

USDT, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so mọ́ dọ́là, ló rọrùn jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ló ṣèlérí pé ẹyọ kan á máa jẹ́ dọ́là kan, kì í ṣe báńkì. Oríṣiríṣi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń fi í ránṣẹ́, ẹni tó bá sì lo èyí tí ẹni tó fẹ́ gbà á kò lò lè má rí i mọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń tà á fún ẹlòmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí olùrà bá lo owó olè, báńkì lè ti àkáǹtì olùtà pa títí ìwádìí á fi parí. Nítorí náà, kí wọ́n tó tú USDT sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ rí i nínú àkáǹtì báńkì gan-an pé owó ti wọlé, kì í ṣe nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí àwòrán rìsíìtì, kí orúkọ ẹni tó sanwó sì bá orúkọ tó wà lórí ìdúnàádúrà náà mu. Bí orúkọ bá yàtọ̀, kí wọ́n dá owó náà padà sí àkáǹtì tó ti wá.