Èló ni àwọn onípìn-ín fi sílé-iṣẹ́? Bí a ṣe ń kà á nínú ìwé ìṣirò

Nínú ìròyìn ọdọọdún àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń ta ìpín wọn fún gbogbo ènìyàn, abala kan wà tó jẹ́ ti owó àwọn onípìn-ín. Ìlà méjì níbẹ̀ ló ń sọ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé kalẹ̀: owó ìpín àti àfikún orí ìpín. Ẹni tó bá ka ti àkọ́kọ́ nìkan yóò ṣì í kà, nítorí pé iye tí òfin ní kí a kọ sí ìpín kọ̀ọ̀kan nìkan ni ìlà náà ń kó jọ, kì í ṣe iye tí wọ́n tà á.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìròyìn Dangote Cement ti ọdún 2019. Ìpín tó tó bílíọ̀nù 17.04 ló wà níta, 50 kọ́bọ̀ sì ni a kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ kí owó ìpín jẹ́ ₦8.52 bílíọ̀nù. Àfikún orí ìpín, ìyẹn ohun tó lé lórí 50 kọ́bọ̀ náà, jẹ́ ₦42.43 bílíọ̀nù. Àpapọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦51 bílíọ̀nù, nǹkan bíi náírà mẹ́ta lórí ìpín kan. Pé ọ̀pọ̀ náírà ni wọ́n ń ra ìpín kan náà lọ́jà kò yí èyí padà: ẹni tó tà á ló gba owó yẹn, kò wọ àpò ilé-iṣẹ́. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé owó ìpìlẹ̀ tuntun kalẹ̀ fáwọn báńkì lọ́dún 2024, ìlà méjì yìí nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n kà, wọn kò ka èrè tí a kò tíì pín mọ́ ọn.

Síbẹ̀, owó ìpín lè pọ̀ sí i láìsí pé ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní bílíọ̀nù méjì ìpín tí a kọ 50 kọ́bọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó wá fi ọ̀kan ta àwọn onípìn-ín lọ́rẹ lórí mẹ́rin mẹ́rin: owó ìpín rẹ̀ yóò kúrò ní ₦1 bílíọ̀nù sí ₦1.25 bílíọ̀nù, ṣùgbọ́n láti inú èrè àtẹ̀yìnwá tàbí àfikún orí ìpín ni ₦250 mílíọ̀nù náà ti wá. A máa ń dá a mọ̀ nínú ìwé tó ń fi owó tó wọlé àti èyí tó jáde hàn, nítorí pé kò ní sí owó títa ìpín kankan níbẹ̀ lọ́dún náà.

Irú ìpín náà ṣe pàtàkì, àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò ló sì ń sọ ọ́. Ìpín lásán ló ń dìbò, òun náà ló sì ń gba èrè kẹ́yìn. Ìpín tó ní ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ sí èrè kì í sábà dìbò. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti dá owó ìpín irú èyí padà lọ́jọ́ kan pàtó, abẹ́ gbèsè ni ẹ ó ti bá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpín ni wọ́n ń pè é.