Owó tó wọlé di ìlọ́po méjì, kí ló dé tí kò fi tó kọ sínú lẹ́tà?

Ìbéèrè: Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Ní báyìí mo ń kọ lẹ́tà láti wá ipò ọ̀gá àgbà ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó tó ń wọlé fún wa di ìlọ́po méjì, àti pé yàrá wa ń kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mi kà á ní gbólóhùn méjèèjì kò ní wú ẹnikẹ́ni lórí lọ́hùn-ún. Kí ló burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: Òótọ́ lẹni yẹn sọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó ìlú kan bá já wálẹ̀, tí ọjà sì gbówó lórí, owó yàrá náà á lọ sókè. Owó tó ń wọlé lè di ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ nígbà tí àlejò ń dín kù. Ẹni tó ń ka lẹ́tà yín láti òkèèrè mọ èyí, kò sì ní ọ̀nà láti mọ apá tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín níbẹ̀.

Ti yàrá tó ń kún ló gbẹgẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká fi òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 120 ṣe àpẹẹrẹ. Tẹ́lẹ̀, yàrá 72 ló ń lálejò lálẹ́, ìyẹn ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ní dọ́là 100 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó alẹ́ kan jẹ́ dọ́là 7,200. Máníjà kan dé, ó dín owó yàrá kù sí dọ́là 90, yàrá tó ń lálejò sì di 84, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó di dọ́là 7,560. Dọ́là 360 ló lé. Ṣùgbọ́n bí ọṣẹ, ìfọṣọ, oúnjẹ àárọ̀ àti owó ẹni tó ń tún yàrá ṣe bá ń gba dọ́là 30 lórí yàrá kọ̀ọ̀kan, yàrá 12 tó lé ti gba dọ́là 360 yẹn tán. Òṣìṣẹ́ ṣe wàhálà, èrè kò kúrò lójú kan.

Ká ní máníjà mìíràn fi owó yàrá sílẹ̀ ní dọ́là 100, tó wá kún yàrá 78 péré. Owó tó lé jẹ́ dọ́là 600. Ìnáwó yàrá 6 gba dọ́là 180 níbẹ̀, dọ́là 420 ló kù lálẹ́ kan. Àlejò rẹ̀ kéré sí ti ẹni àkọ́kọ́, síbẹ̀ òun ni olówó òtẹ́ẹ̀lì máa fẹ́ gbà. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi gba ìdá yàrá tó kún gbọ́ láìbéèrè iye tí ẹ tà á.

Ohun tó ń dá ìbéèrè náà lóhùn ni owó yàrá alẹ́ kan tí a pín fún gbogbo yàrá tó wà nílé, yálà ó lálejò tàbí kò ní. Àwọn olótẹ́ẹ̀lì ń pè é ní rẹ́fúpáà. Ti máníjà kejì yìí kúrò ní dọ́là 60 bọ́ sí 65. Ẹ wá fi wé ti àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ń bá yín du àlejò. Bí tiwọn bá dúró sí dọ́là 62.5, ẹ fi tiwọn pín tiyín, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100: ó kúrò ní 96, ó di 104. 100 ni ẹni tó ń gba ìpín tó tọ́ sí i gan-an. Dọ́là ti bọ́ kúrò nínú ìṣirò yìí, owó ìlú yòówù tí ẹ ń ná, kò ní yí i padà. Mo rò pé òun ló yẹ kó ṣáájú nínú lẹ́tà yín, báyìí:

«Láàárín ọdún 2, ní òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 120 tí oníṣòwò pọ̀ jù nínú àlejò rẹ̀, bí a bá ka rẹ́fúpáà òtẹ́ẹ̀lì 5 tó ń bá wa dupò sí 100, tiwa kúrò ní 96 bọ́ sí 104. A kò dín owó yàrá kù. A dá ẹ̀dínwó dúró fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí kì í rán àlejò wá déédéé, a sì mú kí àlejò púpọ̀ sí i máa gba yàrá lọ́wọ́ wa tààrà, láìgba ọwọ́ alágbàtà.»

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, torí òun ló fi hàn pé ẹ mọ ohun tó mú un ṣẹlẹ̀. Tí òtẹ́ẹ̀lì yín kò bá ń gba ìròyìn tó ń fi í wé àwọn mìíràn, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ kọ ìdá tó kún àti owó yàrá pọ̀, ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí. Ẹ má sì dárúkọ àwọn tó ń bá yín dupò tàbí kí ẹ kọ èrè olówó yín síta. Ẹni tó rí i máa bẹ̀rù pé ẹ ó tú àṣírí tòun náà.

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ ń fi pamọ́: ìwé àṣẹ ìṣiṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan nísàlẹ̀ lẹ́tà bóyá ẹ ní in tàbí àwọn ló máa bá yín gbà á, àti iye oṣù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá yín létí kí ẹ tó kúrò. Ti ilé gbígbé àti owó ọkọ̀ òfuurufú, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín.