Fort Smith Ni Orísun Eyín Funfun, Kì í Ṣe Abẹ́ Iná Búlúù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé abẹ́ iná búlúù inú yàrá dókítà eyín ni ọgbọ́n òde òní tí wọ́n fi ń sọ eyín di funfun ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ò gbà. Ìlú Fort Smith ní ìpínlẹ̀ Ákánsọ̀, l'Amẹ́ríkà, ló ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n sì lò kò ju rọ́bà tí wọ́n ń fi bo eyín àti oògùn egbò ẹnu lọ.

Ẹ jẹ́ ká tọ ìtàn náà láti ẹ̀yìn wá. Ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, akéwì ará Róòmù kan, Catullus, fi ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Egnatius ṣẹ̀sín, nítorí pé ìtọ̀ ni wọ́n fi ń fọ eyín níbi tí ọkùnrin náà ti wá ní Sípéènì. Ẹ má tíì bú wọn. Àwọn alágbàfọ̀ Róòmù pàápàá ń kó ìtọ̀ jọ, wọ́n á jẹ́ kó kan, wọ́n á wá fi fọ aṣọ, torí pé amóníà inú rẹ̀ máa ń ṣí ọ̀rá àti ìdọ̀tí. Lójú tèmi, ìdí ìkòkò ìfọṣọ ni ẹnì kan ti rò ó pé ohun tó ṣe aṣọ lóore lè ṣe eyín náà lóore, èrò yẹn ló sì ń lọ láti ilé dé ilé kó tó dé ẹnu Egnatius. Àmọ́ ìdọ̀tí ojú eyín nìkan ni amóníà ń mú kúrò. Kì í dé ibi tí àwọ̀ ti jinlẹ̀ wọ eyín.

Lẹ́yìn ìyẹn làwọn onígbàjámọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù wá ń fi ayùn rẹ́ ojú eyín, tí wọ́n á sì fi ásíìdì nítíríìkì pa á. Eyín á funfun lóòótọ́, fún ìgbà díẹ̀. Ásíìdì ń jẹ èèpo líle tó bo eyín, èèpo yẹn kì í sì í hù padà. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ́n, nítorí náà bí èèpo bá ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i ni eyín á ṣe máa pọ́n sí i. Ẹni tó ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ra eyín lónìí, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ yẹn ló ń ṣe. Tí etí eyín iwájú bá ń mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí omi tútù sì ń ta eyín ṣáá, èèpo ti ń lọ nìyẹn.

Ní nǹkan bí 1968 ni Bill Klusmier, dókítà tó ń to eyín ní Fort Smith, fẹ́ wo èrìgì aláìsàn kan sàn. Ó ní kó fi oògùn egbò ẹnu tó ń jẹ́ Gly-Oxide sínú rọ́bà tó máa ń fi bo eyín sùn lálẹ́. Kábámáìdì pẹrọ́ksáìdì ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú oògùn náà. Èrìgì san, eyín náà sì mọ́. Klusmier ò kà á sí èèṣì. Ó tún un ṣe fún àwọn mìíràn, ó wá bọ́ sórí oògùn mìíràn tó ń jẹ́ Proxigel, tó ki jù, tí kì í tètè ṣàn jáde nínú rọ́bà. Àwọn dókítà eyín àdúgbò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ọdún 1989 ni àwọn dókítà eyín méjì, Haywood àti Heymann, tó gbé ìlànà náà jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn eyín.

Ìdá 10 yẹn máa ń tú ká di háídrójìn pẹrọ́ksáìdì bí ìdá 3.5. Ó ń gba inú èèpo kọjá láìjẹ ẹ́, ó sì ń fọ́ ohun tó kun eyín ní abẹ́. Eyín lè máa ta ọ lọ́jọ́ díẹ̀. Fo alẹ́ kan tàbí méjì, á rọlẹ̀.

Ti iná búlúù kò gba àlàyé púpọ̀: pẹrọ́ksáìdì líle ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe iná. Eyín máa ń gbẹ lórí àga, eyín gbígbẹ sì máa ń funfun ju bó ti rí lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara ìfunfun yẹn á ti lọ. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ eyín dé lọ́dún 2001, ó wúlò díẹ̀, àmọ́ kì í dé kọ̀rọ̀ eyín. Èédú kàn ń ha eyín ni.

Ẹ wo ẹni tí eyín rẹ̀ wà ní A3 lórí àwòṣe àwọ̀ tí dókítà ń lò. Á fi jẹ́ẹ̀lì pẹrọ́ksáìdì díẹ̀ sí ojú eyín kọ̀ọ̀kan nínú rọ́bà, á nu èyí tó bá yọ sí èrìgì kúrò, á sùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè dé A1, tó funfun jù ú lọ. Eyín ṣóńṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tiwájú á ṣì dúdú díẹ̀ ju àwọn tó wà láàárín lọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kó wo ẹyin ojú rẹ̀ nínú dígí ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí eyín bá ti funfun bákan náà, kó dá a dúró, nítorí èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á jọ eyín àtọwọ́dá. Eyín tí wọ́n dí tàbí tí wọ́n fi adé bò kì í yí àwọ̀ padà rárá, nítorí náà kó dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó parí, kí àwọ̀ tuntun fìdí múlẹ̀, kó tó jẹ́ kí dókítà ṣe tuntun tí yóò bá a mu.