Ìránnilétí kejì kọ́ ló mú kí oníbàárà dáhùn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ni ní ọjà títà. Wọ́n ní oníbàárà kì í dáhùn àfi tí a bá rán an létí lẹ́ẹ̀marùn-ún, àwọn mìíràn ní lẹ́ẹ̀meje, pé kí a sì máa fi ọjọ́ méjì-méjì sáàárín. Láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, ẹni tó ń di gaàrí sínú ọ̀rá, ẹni tó ń tẹ fìlà ẹgbẹ́, ẹni tó ń pèsè omi fún ilé ìtura, gbogbo wọn ni ìmọ̀ràn yìí ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá sì béèrè ibi tí wọ́n ti rí márùn-ún náà kì í rí èsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọn kì í sọ irú ọjà tí wọ́n tà, wọn kì í sọ iye èèyàn tí wọ́n kọ̀wé sí, wọn kì í sì í sọ bóyá àwọn èèyàn náà ti béèrè ọjà tẹ́lẹ̀ tàbí wọn ò mọ olùtà rí.

Pé ó yẹ ká rán oníbàárà létí, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ọwọ́ èèyàn máa ń dí, ìwé a sì sọnù sáàárín ìwé. Iye ìgbà àti iye ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ wà, ìgbàgbọ́ òdì yìí sì lágbára nítorí pé àkọsílẹ̀ tí olùtà ń ṣe fúnra rẹ̀ máa ń jọ pé ó ń gbè é lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni a óò dúró sí dáadáa.

Ká gbà pé ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ń di gaàrí sínú ọ̀rá kílò kan, 20 ọ̀rá nínú páálí kan. Ó fi iye owó ránṣẹ́ sí ilé ìtajà 50 ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù, Ìkòròdú àti Èkó. Kò sí èyí tó bá a ṣòwò rí nínú wọn. Ó wá rán wọn létí lẹ́ẹ̀mẹrin, ọjọ́ méjì-méjì láàárín. Lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́, ilé ìtajà 2 dáhùn. Lẹ́yìn ìránnilétí kìíní, 2 tún dáhùn. Lẹ́yìn ìkejì, 3. Lẹ́yìn ìkẹta, 1. Lẹ́yìn ìkẹrin, 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 9. Olùtà wo ìwé rẹ̀, ó ní: “Tí n kò bá rán wọn létí, 2 péré ni ǹ bá rí. Ìránnilétí ló mú 7 wá, ìkejì ló sì dára jù.”

Ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni ọjọ́ tí èsì dé. Kò kọ ohun tó mú èsì wá, nítorí kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìtajà kan. Máníjà ka ìwé náà ní ọjọ́ Ajé. Òun kọ́ ló ni owó, nítorí náà ó dúró di Ọjọ́bọ̀ tí ọ̀gá wá. Ọ̀gá ní kí ó lọ wo iye gaàrí tó kù lórí àtẹ. Ó wò ó ní ọjọ́ Ẹtì, ó sì dáhùn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí èsì yẹn tó dé, ìránnilétí kìíní ti wọlé ní Ọjọ́rú, ìkejì ti wọlé ní ọjọ́ Ẹtì. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, ìránnilétí kejì ni yóò gba ìyìn, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìwé àkọ́kọ́ ni. Máníjà ì bá dáhùn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, ì báà má sí ìránnilétí kankan.

Bí àlàfo bá ṣe kúrú tó ni ìtànjẹ yìí ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó ń kọ̀wé lójoojúmọ́ yóò rí i pé ìránnilétí karùn-ún ló ń mú èsì wá. Ẹni tó ń kọ̀wé ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta yóò ní ìránnilétí kìíní ni. Irú àwọn oníbàárà kan náà ni wọ́n, ìdúró wọn kò yí padà. Kìkì ibi tí ìwé tuntun bọ́ sí ló yàtọ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí nọ́ńbà tí ẹnì kan mú wá láti ibòmíràn wúlò fún ẹlòmíràn, bó ti wù kí ó fi ìdánilójú sọ ọ́ tó.

Ọ̀nà kan wà láti mọ òótọ́, kò sì le. Ilé ìtajà 100 ni kí olùtà náà kọ sílẹ̀ ní ìlà 100. Kí àwọn tó wà ní ìlà 1, 3, 5 bọ́ sí apá kan, kí 2, 4, 6 bọ́ sí apá kejì, kí ti Èkó má baà kó sí apá kan ṣoṣo. Kí apá méjèèjì gba ìwé kan náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà. Apá kìíní ni yóò gba ìránnilétí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Apá kejì kò ní gba nǹkan kan mọ́ fún 21 ọjọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń fà sẹ́yìn nìyẹn, nítorí ó ń dà bí ẹni pé wọ́n ń da ọjà nù. Ká gbà pé apá kejì mú èsì 7 wá, tí apá kìíní sì mú 9 tí a ti rí lókè wá. Ohun tí ìránnilétí mẹ́rin fi kún un wá di 2. Kì í ṣe 7.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sọ pé ìránnilétí kò wúlò o. 7 àti 9 nínú 50 kéré, ìyàtọ̀ 2 lè jẹ́ orí-ire lásán. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ rẹ̀ jẹ́ 5, ó sì lè jẹ́ òdo. Kí olùtà tún un ṣe pẹ̀lú 100 tó kàn àti 100 tó tẹ̀lé e, kí ó sì ro wọ́n pọ̀ kó tó gba ohunkóhun gbọ́.

Apá kejì tún fún un ní ohun mìíràn tó ṣeyebíye: iye ọjọ́ tí irú àwọn oníbàárà yìí fi ń dáhùn tí ẹnikẹ́ni kò dà wọ́n láàmú. Ká gbà pé àwọn 7 dáhùn ní ọjọ́ 1, 2, 4, 5, 6, 8 àti 12 lẹ́yìn ìwé. Títí di ọjọ́ 8, mẹ́fà nínú méje ti dé. Àlàfo àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìránnilétí tó bá lọ ṣáájú rẹ̀ ń bá ẹni tó ti ń bọ̀ lọ́nà sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ta káàdì ìkésíni tàbí oúnjẹ àríyá lè rí i pé ọjọ́ 2 ni tirẹ̀. Ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ tó ń ṣèpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ṣòwò yóò rí ìdí tí akápò kò fi lè dá a lóhùn kí ìpàdé tó ṣe: kí ìránnilétí rẹ̀ dé ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ìpàdé, kí ó má sì kọ̀wé sáàárín.

Lẹ́yìn àlàfo àkọ́kọ́, ó yẹ kí èyí tó tẹ̀lé e gùn jù ú lọ. Àwọn tó gbàgbé ni ìránnilétí kìíní ń jí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù kò gbàgbé. Ọjà ẹlòmíràn ló ṣì wà lórí àtẹ wọn. Tí páálí gaàrí bá máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó tán ní irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀, ìránnilétí kejì yẹ kó dé ní nǹkan bí ọjọ́ 21 lẹ́yìn ti kìíní, kí nǹkan tuntun sì wà nínú rẹ̀: iye owó tó yí padà, ọ̀rá gíráàmù 500 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tàbí ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹrù ń gba Ìkòròdú kọjá. “Ṣé ẹ rí ìwé mi?” kì í ṣe nǹkan tuntun.

Ní ti iye ìgbà, ẹ má ka èsì lápapọ̀. Ẹ ya “a fẹ́” sọ́tọ̀ kúrò lára “ẹ má kọ̀wé sí wa mọ́”. Ọ̀pọ̀ èsì tí àwọn èèyàn ń fi ìránnilétí karùn-ún yangàn lé lórí, ó lè jẹ́ ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Níbi tí “ẹ má kọ̀wé sí wa mọ́” bá ti tó “a fẹ́” tàbí tó jù ú lọ, ibẹ̀ ni kí ọ̀wọ́ ìránnilétí náà ti parí. Fún ẹni tí kò mọ̀ yín rí, ó dà bíi pé méjì tó, ó sì ṣòro láti rí ibi tí mẹ́ta ti pọn dandan. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ béèrè iye owó lè gbà tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tó ní “ẹ padà wá lẹ́yìn Iléyá” ti kúrò nínú ọ̀wọ́ pátápátá, ọjọ́ kan péré ló ní. Tí Ìjẹ̀bú-Òde bá sì ni ilé ìtajà rẹ̀ wà, kí ọjọ́ náà kọjá Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọ̀sẹ̀ yẹn kì í ṣe ara ọjọ́ tí à ń kà fún ìdúró rárá.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó ń sọ pé kí a má jáwọ́ kì í dárúkọ. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Gmail ti ní kí ẹnikẹ́ni tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wọn má jẹ́ kí ìfẹ̀sùnkàn àwọn tó ń gbà á dé 0.3%, ìyẹn 3 nínú 1,000. Nínú ìwé 100 tí olùtà kékeré kọ, ẹ̀sùn kan péré ti jẹ́ 1%. Lórí Wásáàpù, bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá dínà mọ́ nọ́ńbà tí wọ́n sì fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ilé-iṣẹ́ Wásáàpù lè ti nọ́ńbà náà pa, tòun ti àwọn oníbàárà tó ti ń rà. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, sì fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí a máa fi dátà òun polówó ọjà fún òun. Nítorí náà “ẹ dáwọ́ dúró” kò yẹ ní ohun tí à ń fi ìránnilétí mìíràn dáhùn.

Èyí tó sì ń ba nǹkan jẹ́ jù kò jọ ẹ̀ṣẹ̀ lójú ẹni tó ń ṣe é. Olùtà a ti to ọ̀wọ́ ímeèlì sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà a sì máa dúró tí èsì bá dé nípasẹ̀ ímeèlì. Ṣùgbọ́n fóònù ni máníjà fi pè, ó ra páálí mẹ́wàá, ó sanwó. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Ní ọjọ́ 8, ó tún kọ̀wé sí i pé a kò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ yín. Kí ẹni tó gba ìpè náà yọ orúkọ ilé ìtajà yẹn kúrò nínú ọ̀wọ́ kó tó kọ rìsíìtì.