Kí ló ń pa itan nígbà tí a bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè?

Ẹni tó bá ń sáré létí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́ lè sá kìlómítà 10 kó sì máa fọ̀rọ̀ wérọ̀ nígbà tó bá parí rẹ̀. Ẹ wá mú ẹni yìí kan náà lọ sí Ṣábẹ, kó gun ọ̀kan nínú àwọn òkè akọ òkúta tó yí ìlú náà ká, kó sì sáré sọ̀ kalẹ̀. Gígùn á mú un mí hẹlẹhẹlẹ, sísọ̀ á rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á sì rò pé òun ti bọ́. Ọjọ́ kejì lọ̀rọ̀ ń yí padà. Kó tó jókòó sórí àpótí, á di ògiri mú. Bó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn ni yóò kọ sí ìsàlẹ̀ kó tó lè ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ ọ̀lẹ. Ilẹ̀ Àjàṣẹ́ tẹ́jú ni, kò sì síbi tí iṣan iwájú itan rẹ̀ ti kọ́ irú iṣẹ́ tí òkè Ṣábẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ wo nìyẹn? Ẹ pọn omi kún garawa, kí ẹ fi ọwọ́ kan gbé e dé ìgbáàyà. Iṣan apá yín ń sún kì bó ti ń fà. Ẹ wá rọra sọ garawa náà kalẹ̀ láìjẹ́ kí omi dà. Iṣan kan náà ló ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bó ti ń fà lọ́wọ́ ni ẹrù ń nà án. Kò gbọdọ̀ tú, kò sì gbọdọ̀ borí. Fífà lẹ́nu nínà yìí ni àwọn tó kọ́ ìmọ̀ eré ìdárayá lédè Faransé ń pè ní ẹsántíríìkì. Nígbà tí ẹ bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ ni orúnkún ń tẹ̀ díẹ̀, iṣan iwájú itan ló sì ń dá ara yín dúró kí ẹ má baà wó lulẹ̀. Ó ń fà, ara yín sì ń nà án, lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà kí ẹ tó dé ìsàlẹ̀.

Fọ́nrán inú iṣan tó ń ṣe iṣẹ́ nínínà kì í pọ̀ tó àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ sísún kì. Díẹ̀ ló ń gbé ẹrù tó yẹ kí ọ̀pọ̀ gbé, ìdí nìyẹn tí àwọn díẹ̀ náà fi ń fà ya wẹ́wẹ́. Ara á tún wọn ṣe, ṣùgbọ́n ìtúnṣe náà ní wíwú àti ìrora nínú, kì í sì í dé lójú ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí 24 sí 72 ló máa ń le jù. Àwọn kan a máa ní ásíìdì ló dúró sínú ẹsẹ̀. Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ohun tó tún ń tan èèyàn jẹ ni pé irú iṣẹ́ yìí kì í gba èémí púpọ̀. Àyà balẹ̀, ọkàn kò lù kìkì, itan sì ń fàya lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń fi mímí díwọ̀n iṣẹ́ kò ní mọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́.

Ní ọdún 2005, olùwádìí méjì, Gottschall àti Kram, wọn agbára tó ń bá ẹsẹ̀ àwọn asáré lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dígírì 9, níbi tí èèyàn ti ń sọ̀ nǹkan bíi mítà 16 nínú mítà 100 tó lọ síwájú, agbára tí ilẹ̀ fi ń gbá ẹsẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án fi ìdá 54 nínú 100 ju ti ilẹ̀ títẹ́ lọ. Agbára ìdádúró, ìyẹn èyí tó ń ti asáré padà sẹ́yìn, fi ìdá 73 jù ú. Èyí kejì yìí ni mo fẹ́ ká dojú kọ, torí ọwọ́ asáré fúnra rẹ̀ ni apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ wà. Bí ẹ bá ṣe ń na ẹsẹ̀ jìnnà síwájú ara tó ni ìdádúró náà ṣe ń le tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọ̀nà kan gùn ní mítà 630, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 100. Asáré àkọ́kọ́ ń fi ìgbésẹ̀ mítà 1.1 sọ̀ ọ́, ó ń gbé ìgbésẹ̀ 162 ní ìṣẹ́jú kan. Yóò gbé nǹkan bí ìgbésẹ̀ 573, ara rẹ̀ á sì máa já wálẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 17.5 nínú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Asáré kejì sún ìgbésẹ̀ mọ́ sí mítà 0.9, ó sì mú iye rẹ̀ pọ̀ dé 180 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbésẹ̀ 700 ni tirẹ̀, jíjá ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ sẹ̀ńtímítà 14.3. Mítà 100 kan náà ni àwọn méjèèjì sọ̀, àmọ́ bí iṣan ṣe nà tó nínú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti bí ẹrù orí rẹ̀ ṣe wúwo tó ló ń fa yíya jù, kì í ṣe iye ìgbésẹ̀ nìkan. Ẹni kejì ń tọ́jú itan rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ṣábẹ, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn ni mo máa wà nìyẹn o.” Mo ní, “Àbúrò, ṣírò ẹ̀ wò ná.” Ẹni àkọ́kọ́ á dé ìsàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 3 àti ìṣísẹ̀ àáyá 32, ẹni kejì láàárín ìṣẹ́jú 3 àti ìṣísẹ̀ àáyá 53. Ìṣísẹ̀ àáyá 21 péré ni. Bí ọ̀nà bá ṣì kù níwájú, ẹni tí itan rẹ̀ ṣì le á gba iye yẹn padà kí wọ́n tó jìnnà.

Kò dìgbà tí ẹ bá ra aago olówó ńlá kí ẹ tó mọ tiyín. Lórí ilẹ̀ títẹ́, ẹ ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún balẹ̀ ní ìṣísẹ̀ àáyá 20. Bó bá jẹ́ 27, ẹsẹ̀ méjèèjì jẹ́ 54, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ sì ni ìgbésẹ̀ 162 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ẹ bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ wá 29 tàbí 30. Àwọn olùwádìí ti rí i pé bí èèyàn bá fi ìdá 5 sí 10 nínú 100 kún iye ìgbésẹ̀ rẹ̀ láìyí eré padà, ẹrù orúnkún a máa dín kù. Kò yẹ kó kọjá bẹ́ẹ̀ lọ títí. Ẹni tó sún ìgbésẹ̀ mọ́ jù á máa ta ẹsẹ̀ mọ́ ibì kan, á sì rẹ̀ ẹ́ lásán.

Ọ̀rọ̀ orúnkún kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti itan. Ẹ̀rù ló ń ba orúnkún jẹ́. Bí ọ̀nà bá ga, ara á fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ìbàdí á kù sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á sì nà gbọọrọ síwájú, gìgísẹ̀ á sì kọ́kọ́ gbá ilẹ̀. Orúnkún tó nà tán kò ní àyè láti gba nǹkan náà mọ́ra, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣan iwájú itan ń fi agbára tó pọ̀ jù tẹ egungun kékeré tó bo iwájú orúnkún mọ́ ibi tó ti ń rìn. Ẹ jẹ́ kí ara tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀, kì í ṣe láti ìbàdí bí ẹni tó ń wá owó nílẹ̀. Kí ẹsẹ̀ balẹ̀ sítòsí abẹ́ ìbàdí, kí orúnkún ti tẹ̀ díẹ̀ kó tó kan ilẹ̀. Ẹ ṣí apá kúrò lára kó lè bá yín dọ́gba. Kí ojú wà ní mítà 3 sí 5 níwájú, kì í ṣe ní orí bàtà. Etí á sọ bóyá ẹ ṣe é dáadáa: bí ẹsẹ̀ bá ń dún pà, pà, pà, ẹ ń na ẹsẹ̀ jù. Bí eré bá sì ti tó èyí tí ẹ kò lè dúró láàárín ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ó ti kúrò lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó wọ ibi tó ga ni kí ẹ ti dín eré kù, torí bí ẹ bá ti wọ inú rẹ̀ tán, gìgísẹ̀ nìkan ló kù láti fi dá a dúró.

Akọ òkúta Ṣábẹ ní ìṣòro tirẹ̀. Bí òkúta náà bá gbẹ tó sì mọ́, ó ń di bàtà mú dáadáa, bí ẹ bá gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé e. Ẹni tó fà sẹ́yìn tó fi gìgísẹ̀ gún un ló ń ti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sísàlẹ̀, òun ló sì ń yọ̀. Ẹ ṣọ́ iyanrìn wẹ́wẹ́ tó bá tú sórí rẹ̀. Ní àkókò òjò, ẹ ṣọ́ ibi tí òkúta ti dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé. Níbẹ̀, mi ò rí ìdí kankan tí èèyàn fi ní láti sáré. Kí ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ rìn.

Ìrora máa ń sọ ibi tó ti wá. Bí itan méjèèjì bá ń dùn bákan náà lọ́jọ́ kejì, iṣan ni, á lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bó bá jẹ́ pé ìta orúnkún kan ló ń ta yín lẹ́yìn tí ẹ ti sáré fún ìgbà díẹ̀, tó sì ń le sí i bí ẹ bá ń sọ̀, ẹ dẹ́kun sísọ̀ fún ìgbà kan. Orúnkún tó wú, tó há, tàbí tó ń yẹ̀ lábẹ́ yín, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ìtọ̀ bá sì dúdú bí omi obì lẹ́yìn sísọ̀ tó gùn, ẹ má ṣe dúró dọjọ́ kejì: iṣan tó ti ya púpọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Fún ará Àjàṣẹ́ tó ń bọ̀ wá sáré ní Ṣábẹ, sísọ̀ fúnra rẹ̀ ni oògùn sísọ̀. Iṣan tó ti ṣe iṣẹ́ nínínà yìí lẹ́ẹ̀kan kì í ya tó bẹ́ẹ̀ nígbà kejì, ààbò náà sì lè wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àkọ́kọ́ kò ní láti pọ̀. Bí kò bá sí òkè nítòsí, ẹ wá àtẹ̀gùn. Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí ẹ rọra sọ ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀ sórí ìpele tó tẹ̀ lé e, kí ó gba ìṣísẹ̀ àáyá mẹ́ta, ní ìgbà 8 sí 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí orúnkún máa tọ́ sí ibi tí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí, kó má ya sínú. Ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ gidi fún ìgbà ìkẹyìn ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú ọjọ́ eré, kí ìrora rẹ̀ ti tán, kí ààbò rẹ̀ sì ṣì wà.